Ṣáàpù méjì níwájú ìlà: kí ló ṣe sí D àti F?

Ìbéèrè: Nínú ìwé tí wọ́n pín fún wa ní kíláàsì orin, wọ́n ní D sí F jẹ́ ẹ̀kẹta kékeré. Nínú àpẹẹrẹ tó tẹ̀ lé e, tí ṣáàpù méjì wà níwájú ìlà, wọ́n ní D sí F yẹn náà ti di ẹ̀kẹta ńlá. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Méjèèjì ni. Ṣáàpù méjì yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà.

Orí F àti C ni wọ́n wà. Gbogbo F àti C tẹ́ ẹ bá bá pàdé nínú orin náà, ì báà ga, ì báà rẹlẹ̀, ṣáàpù lẹ máa tẹ̀, àfi tí àmì mìíràn bá ní kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní í kọ ṣáàpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ́, ibẹ̀ ló sì ti ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn méjì yìí? Torí pé kíì D ni orin náà wà, ìyẹn ni pé D ni dò. Láti dò dé dò òkè, ìṣísẹ̀ ohùn máa ń lọ báyìí: odidi, odidi, ìdajì, odidi, odidi, odidi, ìdajì. Ìdajì ni láti orí eyín dúùrù kan sí èyí tó kàn án gan-an, dúdú tàbí funfun. Ìdajì méjì ló ń jẹ́ odidi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti D. Odidi kan gbé yín dé E. Odidi mìíràn ló kàn, ṣùgbọ́n ìdajì péré ni E sí F, torí náà ẹ ní láti kọjá sí F ṣáàpù. Ìdajì dé G, lẹ́yìn náà A, B, C ṣáàpù, kẹ́ ẹ tó fi ìdajì wọ D. Ẹ ò rí ṣáàpù kẹta.

(Kíì B kékeré, ìyẹn B máínọ̀, náà ń lo ṣáàpù méjì yìí. Tí orin bá parí sórí B, tí A ṣáàpù sì ń yọjú ṣáá, òun ni.)

Ní ti ìjìnnà ohùn, ẹ̀ẹ̀mejì là ń kà á. Ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà, kẹ́ ẹ ka èyí tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn: D, E, F, mẹ́ta, ẹ̀kẹta nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ ka ìdajì, ṣùgbọ́n ẹ má ka ibi tẹ́ ẹ dúró sí. D sí D ṣáàpù, ọ̀kan; E, méjì; F, mẹ́ta. Mẹ́ta ni ẹ̀kẹta kékeré. Tí F bá ti di ṣáàpù, ó di mẹ́rin, ẹ̀kẹta ńlá. Ẹ kọ ọ́ lórin kẹ́ ẹ gbọ́: nínú kíì C, D sí F jẹ́ rè sí fà, nínú kíì D, dò sí mì ni.

Àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀kẹta inú kíì D ló ti di ńlá. B sí D ṣì jẹ́ ìdajì mẹ́ta, nítorí ṣáàpù kò kan B, kò sì kan D. C tó wà láàárín wọn lè ní ṣáàpù tàbí kó má ní, kò yí iye náà padà.