Pirínítà tó ń gbé Offline wá: ẹ wo pọ́ọ̀tù rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan dráífà

*Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Láti àná ni pirínítà mi ti ń gbé Offline wá lórí láptọ́ọ̀pù. Wáyà ẹ̀ dáa, waifai ń ṣiṣẹ́, kódà mo pirínti láti orí fóònù, ó jáde. Ṣé kí n yọ dráífà ẹ̀ kí n tún un fi sí ni, àbí ó ti bàjẹ́?*

Ẹ má tíì yọ nǹkan kan o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú pirínítà yẹn. Fóònù tẹ́ ẹ ní ó pirínti yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ ni, tàbí pé kò sí lórí waifai, fóònù ò ní rí i rárá. Pirínítà wà níbẹ̀, láptọ́ọ̀pù yín ló ń wá a lọ síbi tó ti kúrò.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀, owó ni mo fi kọ́ ọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan l'Óṣogbo, ẹ̀gbẹ́ géètì ilé ìwé ni, kọ̀ǹpútà méjì àti pirínítà onídúdú-àti-funfun kan tó ń lo waifai. Ọjọ́ Àìkú kan wọ́n mú iná lọ lóru, iná dé lójúmọ́ ọjọ́ Ajé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò síta pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, mo tan kọ̀ǹpútà, Offline. Mo pa pirínítà mo tàn án, mo pa ráútà mo tàn án, Offline náà ni. Mo pe ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó dé, ó yọ dráífà, ó fi òmíràn sí, pirínítà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gba ₦8,000. Inú mi dùn. Ọjọ́rú iná tún lọ, iná tún dé, Offline. Mo tún pè é, ó tún ṣe nǹkan kan náà, ó tún gba owó. Kò bi ara ẹ̀ léèrè ẹ̀ẹ̀kan pé kí ló dé tí dráífà á fi máa bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ! Ìyẹn ló ń bí mi nínú títí dòní.

Lẹ́ẹ̀kẹta mo pe ẹlòmíì tí wọ́n ní ó mọṣẹ́ jù ú lọ. Òun wo àdírẹ́ẹ̀sì tí kọ̀ǹpútà mi fi ń pe pirínítà, 192.168.1.104 ni, ó tẹ ping sí i, àṣẹ tó ń bi àdírẹ́ẹ̀sì kan léèrè bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀, èsì padà wá wàrà wàrà. Ló bá ní ẹ rí i, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa, bọ́ọ̀dù pirínítà ló ti jóná, kí n lọ wá ₦35,000. Mo ti ń wá owó ọ̀hún o. Alẹ́ ọjọ́ yẹn inú bí mi, mo fa wáyà iná pirínítà yọ kúrò lára ògiri pátápátá, mo wá rántí ohun tí ọkùnrin yẹn tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi:

```
ping 192.168.1.104
```

Èsì ṣì ń wá! Pirínítà tí kò ní iná lára, báwo ló ṣe ń dáhùn? Mo jókòó, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi pa waifai fóònù ẹ̀, èsì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Fóònù ọmọ yẹn ló ń lo 104. Pirínítà ti gba 107. Gbogbo ìwé tí kọ̀ǹpútà mi ń fi ránṣẹ́ láti ìgbà tí iná ti lọ kẹ́yìn, ilẹ̀kùn fóònù ló ń kàn, fóònù ò sì mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ráútà ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì IP fún gbogbo ohun tó bá wọ orí waifai. Òmíràn nínú wọn máa ń rántí ẹni tó ni 104 àti ẹni tó ni 107, ṣùgbọ́n ti èmi, tí iná bá ti lọ, ó ti gbàgbé gbogbo ẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló máa gba èyí tó bá wà nílẹ̀. Fóònù máa ń wọlé kíákíá, pirínítà máa ń pẹ́ kó tó jí. Wíńdóòsì ní tiẹ̀ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi pirínítà sí i sínú ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù, ibẹ̀ ló sì máa ń lọ títí láé. Fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pirínti ló máa ń ké pe ta ló jẹ́ pirínítà níbí, ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń jáde láti orí fóònù. Ẹ wá rí ìdí tí àtúnfi dráífà fi dà bí ẹni pé ó ń wo ó sàn: bẹ́ ẹ bá ti tún un fi sí, Wíńdóòsì á wá a kiri, á rí àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, á kọ ọ́ sílẹ̀. Dráífà kọ́ ló tún un ṣe, àdírẹ́ẹ̀sì tuntun ni. Tí iná bá lọ ó tún di àná. Ẹ sì máa rí i tí orúkọ pirínítà á máa di méjì, mẹ́ta, tí wọ́n kọ Copy 1 sí ìdí ẹ̀, ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè máa fi ìwé ránṣẹ́ sí òkú.

Ẹ ṣí PowerShell, ẹ tẹ méjèèjì yìí:

```
Get-Printer | Format-Table Name, PortName
Get-PrinterPort | Format-Table Name, PrinterHostAddress
```

Ẹ lọ sí ojú pirínítà fúnra ẹ̀, níbi Network, ẹ wo IPv4 Address ẹ̀. Tí kò bá ní ojú tó ń tàn, ìwé ìwífún nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà tó lè pirínti fúnra ẹ̀, bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ wà nínú ìwé tó bá a wá. Tí nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń lò bá yàtọ̀ sí ti pirínítà, ẹ ti rí i nìyẹn. Tí PortName bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WSD, kò ní gbé nọ́ńbà wá, nítorí irú pọ́ọ̀tù yẹn, ṣe ló máa ń wá pirínítà kiri fúnra ẹ̀. Ó dáa lẹ́nu o, ṣùgbọ́n tí Wíńdóòsì bá ti ka waifai yín sí Public network, kì í jẹ́ kó wá nǹkan kan kiri, á sì máa sọ pé Offline. Èmi ò lo WSD mọ́ rárá.

Kẹ́ ẹ tó yí nǹkan padà, ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí jẹ́ ti pirínítà lóòótọ́, ẹ má gba ping gbọ́ bíi ti ọkùnrin yẹn. Ẹ fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò tèmi níbí:

```
Test-NetConnection 192.168.1.107 -Port 9100
```

9100 ni ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ pirínítà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń gba iṣẹ́, fóònù kì í ṣí i sílẹ̀. Tí TcpTestSucceeded bá jẹ́ True, pirínítà lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ False, tí fóònù sì ń pirínti, ẹ wò ó bóyá waifai àlejò ni láptọ́ọ̀pù wà, ráútà kì í jẹ́ kí àwọn tó wà lórí ti àlejò rí àwọn ará ilé. Tàbí VPN ló wà ní títàn lórí láptọ́ọ̀pù.

Tó bá ti True, ìyókù ò le. Control Panel, Devices and Printers, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí pirínítà, tí Wíńdóòsì 11 bá gbé yín lọ sí Settings, ẹ wọ Printers & scanners níbẹ̀, ẹ tẹ orúkọ pirínítà, lẹ́yìn náà Printer properties (kì í ṣe Properties lásán), Ports, Add Port, Standard TCP/IP Port, ẹ kọ nọ́ńbà tuntun, Next Next títí dé Finish, Apply. Dráífà yín ò kúrò níbi tó wà.

Ibi tó tún dá mi dúró nìyí o, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo ṣe gbogbo ìyẹn tán, àdírẹ́ẹ̀sì ti tọ́, Offline ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà kejì. Ní ibi Ports yẹn náà, ẹ tẹ Configure Port, ẹ máa rí SNMP Status Enabled tí wọ́n ti fa máàkì sí. Ohun tó ń ṣe ni pé kọ̀ǹpútà á máa bi pirínítà léèrè pé ṣé o wà, tí pirínítà ò bá gbọ́ èdè yẹn tàbí tí wọ́n ti pa á lórí ẹ̀, kò ní dáhùn, kọ̀ǹpútà á sì kọ Offline bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba iṣẹ́. Ẹ yọ máàkì yẹn. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni pé kọ̀ǹpútà lè má sọ fún yín mọ́ tí bébà bá tán, ẹ máa fi ojú yín wò ó.

Lẹ́yìn náà ẹ dè é mọ́lẹ̀ kó má tún rìn. Ẹ wọ inú ráútà, 192.168.1.1 ni tèmi, ẹ wá Address Reservation tàbí orúkọ tó bá jọ ọ́ níbi DHCP, ìyẹn ibi tí ráútà ti ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, ẹ so nọ́ńbà MAC pirínítà, èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá a mọ̀, mọ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan. Tí ráútà yín ò bá ní in, ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì sínú pirínítà fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú èyí tí ráútà kì í pín. Ráútà mi ń pín láti 100 dé 199, mo fún pirínítà ní 192.168.1.50. Tẹ́ ẹ bá mú 107 tó wà láàárín èyí tó ń pín, lọ́jọ́ kan á fún fóònù ní 107 yẹn náà, àwọn méjèèjì á wá máa jà. Tí àdírẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ yàn bá yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ kọ sí pọ́ọ̀tù lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà síbẹ̀ lọ tún un kọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má wá nọ́ńbà ìpè fún ìrànlọ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣe é, ẹni tó gbé e ní kí n jẹ́ kí òun wọ inú kọ̀ǹpútà mi láti ọ̀ọ́kán, kí n sì san owó kí òun tó yọ fáírọ́ọ̀sì, lórí ọ̀rọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì lásán! Mo já ìpè náà. Ibi tí wọ́n ti ń gba dráífà náà, ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe pirínítà yín nìkan ni.

Dráífà tẹ́ ẹ béèrè, ìgbà tó bá jẹ́ òun ló bàjẹ́, Wíńdóòsì sábà máa ń kọ Driver is unavailable, tàbí kí pirínítà máa tu bébà jáde pẹ̀lú àwọn àmì tí kò nítumọ̀. Offline kì í sábà jẹ́ ti dráífà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, ẹ kọ́kọ́ ṣí ibi tí àwọn iṣẹ́ tó ń dúró wà, tẹ́ ẹ bá rí Use Printer Offline nínú mẹ́nù Printer níbẹ̀, tí máàkì wà lára ẹ̀, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì pa àwọn iṣẹ́ àtijọ́ rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà tó bá jí.

Ẹ kọ ohun tí PortName gbé wá síbí, kí n wò ó.