CoS iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní UK: òótọ́ ni àbí gbájúẹ̀?

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni mo wà. Ajẹ́ǹtì kan ní òun ti bá mi gba CoS, ìyẹn ẹ̀rí pé agbanisíṣẹ́ kan fẹ́ gbà mí, fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní UK, kí n wá sanwó. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 ni UK ò ti gba ìwé físà tuntun fún iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tí kò sí ní UK mọ́. Àwọn kan tó ti wà níbẹ̀ nìkan ló kù.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú "Register of licensed sponsors: workers" lórí GOV.UK. Ìyẹn nìkan ò tó, torí orúkọ ilé-iṣẹ́ gidi ni gbájúẹ̀ sábà máa ń yá lò. Ẹ fúnra yín wá ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì bi wọ́n níbẹ̀, kì í ṣe lórí ímeèlì tí ajẹ́ǹtì fún yín. CoS kì í ṣe ìwé olóǹtẹ̀; nọ́ńbà kan lórí ẹ̀rọ ìjọba ni, agbanisíṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀.