Láti 40 dé 60: ẹ̀ka tó yẹ kí kóòdù wọ̀ àti èyí tó yẹ kó fò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo wà, mò ń kọ prógíráàmù fún ọ̀gá kan tó ń ra kòkó, iye kìlò tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé wá ni mo tò sínú igi báínárì. Mo ní kó kó gbogbo èyí tó wà láti 40 dé 60 jáde, 52 nìkan ló gbé wá. Nígbà tí mo yọ ìlà tó ní kó padà tó bá ti rí nọ́ńbà tó wà níta, gbogbo ẹ̀ jáde, àmọ́ odindi igi ló ń yẹ̀ wò. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò, ìlà yẹn ló fa ti àkọ́kọ́, bó o ṣe yọ ọ́ láìfi nǹkan kan dípò ẹ̀ ló fa ìkejì. Ohun tó o ń sọ fún kóòdù náà ni pé tó bá ti bá nọ́ńbà tí ò sí láàárín 40 sí 60 pàdé, kó yí padà, kó má tiẹ̀ bojú wo ọmọ kankan lábẹ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, pé bàbá ò wá sóde ò ní káwọn ọmọ má wá. Mo fi bírò ya nọ́ńbà 15 tó o fi ránṣẹ́ yẹn síwèé, bó ṣe rí nìyí:

```
              52
       31            78
   18     44     63     90
  9  25 37  48 57  70 84  97
```

Kóòdù rẹ dé 52, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó yà sí 31, ó rí i pé 31 ò tó 40, ó padà, 44 àti 48 sì wà lábẹ́ 31 yẹn gan-an. Ó tún yà sí 78, ìyẹn ju 60 lọ, ó padà, kò mọ̀ pé 57 wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdí tí 52 fi dá wá nìyẹn.

Bó o ṣe máa rò ó ni pé gbogbo ohun tó wà lápá òsì nọ́ńbà kan kéré sí i, gbogbo ohun tó wà lápá ọ̀tún ẹ̀ jù ú lọ. Tó o bá wá dúró lórí 31, ó dájú pé kò sí bí 40 ṣe máa wà lápá òsì ẹ̀, torí náà o lè fi odindi ìdílé 18 sílẹ̀ láìwò ó rárá, àmọ́ o ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa apá ọ̀tún, ibẹ̀ lè ní 40, ó lè ní 50. Lórí 78 ẹ̀wẹ̀, apá ọ̀tún lo máa fò, o sì gbọ́dọ̀ wọ òsì. Nọ́ńbà tó bá wà níta, apá kan ṣoṣo ló fún ẹ láṣẹ láti fò. Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, má pa wọ́n pọ̀: ṣé kí n wọ òsì, ṣé kí n tẹ nọ́ńbà yìí jáde, ṣé kí n wọ ọ̀tún.

```python
def wa(n, lo, hi):
    if n is None:
        return
    if n.key > lo:
        wa(n.left, lo, hi)
    if lo <= n.key <= hi:
        print(n.key)
    if n.key < hi:
        wa(n.right, lo, hi)
```

Fi ìka tẹ̀ lé e lórí àwòrán yẹn. Láti 52 ó bọ́ sí 31, kò wọ òsì, ó wọ ọ̀tún lọ bá 44. Láti 44 ó lọ wo 37 ná, torí pé nǹkan bíi 41 lè wà lábẹ́ ẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó padà wá tẹ 44, ó lọ tẹ 48, ó gòkè padà wá tẹ 52. Ó wá lọ sí 78, ó wọ òsì lọ sí 63, ó tún wọ òsì, ó bá 57, ó tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ohun tó jáde ni 44, 48, 52, 57, wọ́n sì tò láti kékeré lọ sí ńlá láìjẹ́ pé o tún ń tò wọ́n, torí òsì la kọ́kọ́ ń wọ̀ ká tó tẹ nọ́ńbà náà fúnra ẹ̀. Nóòdù 8 ló fẹsẹ̀ kàn nínú 15. 18, 9, 25, 70, 90, 84 àti 97, kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá.

O lè ní 8 nínú 15 ò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Wo àwọn tó yẹ̀ wò tí ò tẹ̀ jáde: 31, 37, 78, 63. Méjì wà lójú ọ̀nà tí èèyàn máa gbà tó bá ń wá 40, méjì yòókù wà lójú ọ̀nà 60. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, àwọn tó máa ná ẹ lásán ò lè kọjá ojú ọ̀nà méjì yẹn láti gbòǹgbò dé ìsàlẹ̀. Tí nọ́ńbà bá di mílíọ̀nù kan nínú igi tó dúró déédéé, ìpele bíi 20 ni, torí náà tí èsì bá jẹ́ 300, gbogbo nóòdù tó máa yẹ̀ wò ò ní ju bíi 340 lọ.

Ibì kan wà tí kóòdù òkè yẹn ti lè já ẹ kulẹ̀. Àgbẹ̀ méjì lè gbé kìlò 60 wá lọ́jọ́ kan náà, tí kóòdù tó o fi ń kó wọn sínú igi bá sì ń ju èyí tó bá dọ́gba sápá ọ̀tún, 60 kejì á wà lápá ọ̀tún 60 àkọ́kọ́, ìlà ìkẹyìn á wá ní 60 ò kéré sí 60, kò ní wọlé. Yí i sí `n.key <= hi`. Tó bá jẹ́ òsì lo ń jù ú sí, ìlà ti òsì lo máa yí sí `n.key >= lo`. Mi ò lè gbàgbé èyí torí mo ti ṣe é fún kẹ́mísì kan ní Lágéré níbí n'Ífẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ oògùn tí déètì ẹ̀ máa kọjá kó tó di ìparí oṣù, páálí méjì ní déètì ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló jáde nínú lísìtì, ọmọbìnrin tó ń tajà ló fọwọ́ ara ẹ̀ bá èkejì lórí pẹpẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn mí gan-an, torí oògùn ni, wọ́n ì bá ti tà á fún aláìsàn.

Nǹkan kejì tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ ni bí nọ́ńbà ṣe ń wọlé. Ká ní ọ̀gá rẹ ti to ìwé ẹ̀ láti kékeré lọ sí ńlá kó tó gbé e fún ẹ, tó o sì kà á sínú igi bẹ́ẹ̀, 9 á di gbòǹgbò, 18 á wà lọ́tùn-ún ẹ̀, 25 lọ́tùn-ún 18, ìlà gbọọrọ kan ló máa dà, kò ní sí ẹ̀ka kankan tó máa fò lápá ìbẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rìn láti 9 kó tó rí 44. Pẹ̀lú 15 yìí ó máa di nóòdù 10, èyí ò tíì hàn, àmọ́ tí ìlà náà bá gùn tó bí 1000, Páítọ́ọ̀nù á kàn gbé `RecursionError` jù sí ẹ lójú. Tí ìwé bá ti tò tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà àárín ni kó o kọ́kọ́ fi sínú igi, lẹ́yìn náà àárín ìdajì òsì, àárín ìdajì ọ̀tún, títí wọ́n á fi tán. Bí mo ṣe rí àwòrán òkè yẹn náà nìyẹn, 52 ni ìkẹjọ nínú 15. Ṣùgbọ́n tí kòkó tuntun bá ń wọlé lójoojúmọ́, igi náà á tún máa fì sápá kan bó bá ṣe ń pẹ́, ìgbà yẹn lo máa nílò igi tó ń tún ara ẹ̀ ṣe bíi AVL.

Fi káńtà kan sí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn `return` yẹn, kó máa ka iye nóòdù tó wọ̀. Tó o bá ti rí i pé iye yẹn fi púpọ̀ ju iye èsì àti ìlọ́po méjì ìpele igi lọ, o gbàgbé láti fo ẹ̀ka kan nìyẹn. Tún ka iye ìpele tí igi náà ní, tó bá jẹ́ nọ́ńbà 1000 ló wà nínú ẹ̀ tí ìpele sì ju bíi 30 lọ, igi yẹn ti fì.