Ọkọ̀ kan, olówó mẹ́ta: orúkọ ta ni yóò wà lára ìwé rẹ̀?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àwa mẹ́ta la fẹ́ dáwó jọ ra Síẹ́nà tòkunbọ̀ kan tí yóò máa kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin wà ní Hiúsítìn, àbúrò wa ọkùnrin ló wà nílé tí yóò máa mójú tó o. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ ìyá kan náà ni wá, kí la fẹ́ fi ìwé ṣe. Ṣé ìwé pọn dandan? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀?"

Ó pọn dandan, pàápàá nítorí pé ọmọ ìyá ni yín. Bí àlejò bá fowó ránṣẹ́ sí àbúrò yín, gbogbo ènìyàn ló máa mọ̀ pé òwò ló dà wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n méjì tó wà lókè òkun bá fowó ránṣẹ́ sílé, tí mọ́tò sì dé ẹnu ọ̀nà àbúrò wọn lórúkọ rẹ̀, ohun tí àdúgbò yóò máa wí ni pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra mọ́tò fún un. Ìyàwó rẹ̀ náà lè gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, kò sì ní jẹ́ pé ó ń purọ́.

Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ìwé ọkọ̀ nílé, ẹni yẹn sì ni ọlọ́pàá, iléeṣẹ́ adójútòfò àti ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́la mọ̀ sí olówó rẹ̀. Ní tiyín, àbúrò ló yẹ kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí i, nítorí òun ló máa sọ ìwé dọ̀tun lọ́dọọdún, òun náà ni wọ́n sì máa pè bí ọkọ̀ bá há sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nítorí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú àdéhùn yín gbọ́dọ̀ sọ pé àbúrò kàn ń di ọkọ̀ náà mú fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, gẹ́gẹ́ bí ìpín kálukú ṣe rí, àti pé kò lè tà á, kò lè fi í yáwó, kò sì lè fi í tọrẹ láìjẹ́ pé ẹ̀yin méjì tó kù fọwọ́ sí i.

Ibi tí gbólóhùn yìí ti wúlò jù ni ọjọ́ ikú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó tètè dé. Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé bá kú, tí kò sì sí àdéhùn, ọkọ̀ náà ti di ara ogún rẹ̀. Ẹbí yóò kà á mọ́ dúkìá, àwọn tó bá sì gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní kóòtù gíga ló máa ní agbára lórí rẹ̀. Ẹ̀yin yóò wá máa to ìwé báǹkì jọ láti fi hàn pé owó yín wà nínú rẹ̀, ẹnì kan yóò sì dìde pé ẹ̀bùn ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá kú, owó ìpín rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbà, kì í ṣe ọkọ̀, kí ẹ sì dá iye oṣù tí wọ́n máa fi san án. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó àbúrò wà lára àwọn tó máa fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Kì í ṣe àìfọkàntánni. Òun ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kò bá sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpín ló kàn. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kí ẹ fi iye tiyín rọ́pò. Ká ní mílíọ̀nù 12 náírà ni gbogbo owó: ẹ̀gbọ́n mú mílíọ̀nù 6 wá, ẹ̀yin mú 3,600,000, àbúrò mú 2,400,000. Èyí jẹ́ ìpín 50, 30 àti 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ gba 10,800,000. Ìwé, adójútòfò àti àtúnṣe àkọ́kọ́ gba 700,000. Ẹ fi 500,000 sílẹ̀ sínú àpò àtúnṣe.

Iye náírà tó wọ àpò ìfowópamọ́ lọ́jọ́ tó wọ̀ ọ́ ni kí ẹ fi ka ìpín, kì í ṣe dọ́là tàbí pọ́n-ùn tí kálukú yọ. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, dọ́là kan ń lọ bíi 460 náírà ní iye ìjọba. Oṣù kẹfà ni báǹkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, nígbà tí 2024 sì fi máa parí, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ẹni tó fi 2,000 dọ́là ránṣẹ́ ṣáájú kò mú ju bíi 920,000 náírà wá. Ẹni tó fi iye dọ́là kan náà ránṣẹ́ lẹ́yìn náà mú mílíọ̀nù mẹ́ta wá. Àwọn méjèèjì ló máa búra pé iye kan náà làwọn dá. Bí ẹ bá fẹ́ yẹra fún èyí pátápátá, ẹ dá ọ̀sẹ̀ kan pàtó tí gbogbo owó máa wọlé, kí kálukú sì kọ "owó ìpín mi lórí Síẹ́nà" síbi tí wọ́n ti ń kọ ìdí ìfowóránṣẹ́.

Bí ẹ kò bá kọ ìpín sílẹ̀ ńkọ́? Òfin àjọṣòwò tí a gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú òfin ọdún 1890, sọ pé bí àwọn alájọṣòwò kò bá ní àdéhùn mìíràn, dọ́gbadọ́gba ni wọ́n máa pín èrè, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa gbé àdánù. Ẹ wo ohun tí ìyẹn máa ṣe. Ká ní dírẹ́bà ń mú 100,000 wá lọ́sẹ̀. Ẹ yọ 20,000 sínú àpò àtúnṣe, kí ẹ fún àbúrò ní 10,000 fún wàhálà rẹ̀. Ó ku 70,000. Bí àdéhùn bá wà, ẹ̀gbọ́n gba 35,000, ẹ̀yin gba 21,000, àbúrò gba 14,000. Bí kò bá sí, kálukú lè béèrè fún 23,333. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká má kọ ìwé gan-an ni òfin máa kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìṣirò yìí hàn án, ó máa yé e ju ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọ̀rọ̀ 10,000 àbúrò yẹn, ẹ má fojú di í. Bí ẹ kò bá san án ní gbangba, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san án fún ara rẹ̀ nídìí owó mẹkáníìkì.

Kí ẹ má sì pe 70,000 yẹn ní èrè. Ọkọ̀ kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 44 lọ́dún, 3,080,000 ló máa wọlé fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin kí mílíọ̀nù 12 tó padà, Síẹ́nà tòkunbọ̀ tó ń sáré Ìbàdàn sí Èkó fún ọdún mẹ́rin kò sì ní lówó lórí mọ́ bíi ti ìgbà tí ẹ rà á.

Àtúnṣe ló máa ń da àjọrà rú jù. Ẹ fi iye kan sí i, bíi 50,000, tí àbúrò lè ná láìbi ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, kó fi rìsíìtì àti fọ́tò ẹ̀yà tó bàjẹ́ ránṣẹ́, kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjì sì fọwọ́ sí i. Bí jíà bá bàjẹ́ tí owó rẹ̀ jẹ́ 900,000, tí 300,000 péré wà nínú àpò, 600,000 tó kù á di 300,000 fún ẹ̀gbọ́n, 180,000 fún yín, 120,000 fún àbúrò. Bí ẹnì kan kò bá ní in, àwọn kan máa ń dín ìpín rẹ̀ kù. Èmi kò fẹ́ràn ẹ̀yẹn, nítorí gbogbo àtúnṣe ló máa di ìjà lórí ìpín. Ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó bá san án fún un yá a ni, pé owó yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ nínú ìpín ọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ará òkè òkun kì í gbọ́ títí ó fi bọ́: dírẹ́bà lè rọ àbúrò pé kó gbé ọkọ̀ fún òun ní háyà pọ́ṣéèsì, kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tòun. Kò burú bí gbogbo yín bá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òfin háyà pọ́ṣéèsì ilẹ̀ wa sọ pé bí ẹni tó gba mọ́tò bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó náà, ẹ kò lè fagbára gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àfi kí ẹ gbé e lọ sí kóòtù. Kó wà nínú àdéhùn pé àbúrò kò gbọ́dọ̀ bá dírẹ́bà ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ láìsí ìbuwọ́lù ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ sì rí i dájú pé ìwé adójútòfò náà sọ pé ọkọ̀ akérò ni. Bí ẹ bá pè é ní ọkọ̀ ara ẹni, iléeṣẹ́ náà lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Ní ti ẹni tó bá fẹ́ jáde, kó kọ́kọ́ fi ìpín rẹ̀ lọ àwọn méjì tó kù. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùtà mọ́tò méjì dá iye lé ọkọ̀, kí ẹ sì mú àárín iye méjèèjì. Bí ọgọ́ta ọjọ́ bá kọjá tí wọn kò lè rà á, ẹ tà á, kí ẹ pín owó. Kí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni lè ní kí wọ́n tà á láìsọ ìdí.

Lọ́yà Ìbàdàn ni kó kọ ìwé náà, kó fi ránṣẹ́ sí yín, kí kálukú tẹ̀ ẹ́ jáde, kó fọwọ́ sí ẹ̀dà tirẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Ìbuwọ́lù àti ẹlẹ́rìí ti tó fún àdéhùn yìí. Bí ẹ bá máa fún àbúrò ní ìwé àṣẹ láti tà á lórúkọ yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yẹn ni kí ẹ fọwọ́ sí níwájú nótárì tàbí ní iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà: ti Lọ́ńdọ̀nù fún yín, ti Àtìláńtà fún ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà, kí lọ́yà gbé àdéhùn lọ sí iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ owó-orí ìwé, nítorí kóòtù kì í gba ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ san owó náà pẹ̀lú ìtanràn.

Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ parí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn, tí ẹ máa kọ nọ́ńbà ṣáásì, ti ẹ́ńjìnnì àti ti pléètì sí lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ọkọ̀, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tún fọwọ́ sí i. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti rìsíìtì tí ẹ fi rà á, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni kí ojúlówó rẹ̀ wà. Ìwé tí ọlọ́pàá ń béèrè lójú ọ̀nà nìkan ni kí dírẹ́bà máa gbé kiri.