Bí a ṣe ń to fọ́tò àdìrẹ fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Lágéré n'Ífẹ̀ ni mo ti ń rán aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Oríṣi mẹ́jọ tuntun ni mo fẹ́ gbé jáde, mo sì fẹ́ fi ìwé àwòrán orí fóònù hàn àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù n'Íbàdàn àti l'Ékòó. Fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi lé ní ogójì. Báwo ni kí n ṣe tò ó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹni tó ń rajà fún ṣọ́ọ̀bù fẹ́ tètè mọ èyí tóun máa mú, fọ́tò mẹ́rin lójú ewé kan kò ní jẹ́ kó rí ọ̀kankan dáadáa. Ẹ jẹ́ kí aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: fọ́tò ńlá kan tó hàn láti orí dé ẹsẹ̀, kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan fún ẹ̀yìn aṣọ, èkejì látòsí, kí wọ́n rí ọnà ẹ̀kọ àti ojú rírán. Orúkọ àti nọ́ńbà aṣọ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, bíi ÀD-03, torí nọ́ńbà yẹn ni wọn yóò fi béèrè fún un.

Àwọ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Iná inú ilé máa ń yí aró padà: òmíràn á sọ ọ́ di èyí tó pọ́n díẹ̀, òmíràn á fi àwọ̀ ewé kún un. Bẹ́ ẹ bá ya mẹ́ta nínú ilé, tẹ́ ẹ ya márùn-ún níta, aró kan náà á dà bíi méjì. Ẹ ya wọ́n lábẹ́ òjìji ní òwúrọ̀, lójú kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi pépà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ nínú fọ́tò àkọ́kọ́; bí pépà náà bá pọ́n tàbí tó dúdú díẹ̀, ẹ tún àwọ̀ gbogbo fọ́tò náà ṣe títí yóò fi funfun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé aṣọ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù méjì tó yàtọ̀, níta, kẹ́ ẹ fi wé e. Ẹ má lo ohun tó ń ṣe fọ́tò lẹ́wà lórí fóònù rárá. Ọjà tí wọ́n bá rí pé kò jọ fọ́tò, wọ́n á dá a padà ni.

Torí pé ọwọ́ la fi ń rẹ àdìrẹ, aró ọ̀sẹ̀ yìí lè dúdú ju ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ya ẹyọ méjì nínú aṣọ kan náà, ẹ tò wọ́n pọ̀ lójú ewé kan, kí wọ́n fojú ara wọn rí ìyàtọ̀ náà kí wọ́n tó sanwó.

Ẹ kó iye owó sí ojú ewé tó kẹ́yìn: nọ́ńbà, sáìsì, iye tẹ́ ẹ máa gbà lórí ọjà púpọ̀, ẹyọ tó kéré jù tí wọ́n lè rà, àti ọ̀sẹ̀ tí yóò gbà. Ẹ fi PDF ránṣẹ́ bíi Document lórí WhatsApp. Bẹ́ ẹ bá fi àwọn ojú ewé náà ránṣẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp á fún wọn pa, ọnà ẹ̀kọ sì lè má hàn dáadáa mọ́.