Má kó lẹ́tà jọ nígbà tí o bá ń kún àtẹ

“Ẹ̀gbọ́n, mo kọ kóòdù tó ń wá ọ̀wọ́ lẹ́tà tó gùn jù tí ọ̀rọ̀ méjì jọ ní ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan náà, bí àwọn lẹ́tà náà kò tilẹ̀ fara kanra. Mo fi IGBAJA àti AJASE dán an wò. Ó ní 3 ni gígùn ohun tó bára mu, ṣùgbọ́n AAJAA ló tẹ̀ jáde. Kí ló fà á? Báwo la tilẹ̀ ṣe rí fọ́múlà tí a fi ń kún àtẹ rẹ̀?”

Àbúrò, lẹ́tà ìparí ọ̀rọ̀ méjèèjì ni kí o tẹjú mọ́. Bí wọ́n bá jọra, so wọ́n pọ̀, kò sí ewu níbẹ̀. Ká ní ìdáhùn tó gùn jù kò lo ìkankan nínú wọn, à bá fi wọ́n kún ìparí rẹ̀, yóò sì gùn sí i, èyí tí kò ṣeé ṣe. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ló lò, tó so ó mọ́ irú rẹ̀ tó wà níwájú, gbé ìsopọ̀ náà wá sí ìparí, gígùn kò ní dín. Bí wọn kò bá jọra ńkọ́? Wọn kò lè jọ parí ìdáhùn, nítorí náà ó kéré tán, a lè ju ọ̀kan nù. A ò mọ èwo, la ṣe ń dán méjèèjì wò, tí a ń mú èyí tó tóbi jù.

```
if a[i-1] == b[j-1]:
    L[i][j] = L[i-1][j-1] + 1
else:
    L[i][j] = max(L[i-1][j], L[i][j-1])
```

Níbí, a ni IGBAJA, b ni AJASE, L[i][j] sì ni gígùn ìdáhùn fún lẹ́tà i àkọ́kọ́ nínú a àti lẹ́tà j àkọ́kọ́ nínú b. Ìlà 0 àti òpó 0 jẹ́ 0 látòkèdélẹ̀.

Ohun tó bí AAJAA ni èyí tí mo máa ń bá jù lọ́dọ̀ àwọn tí mo ń kọ́ ní Tankẹ: gbogbo ibi tí lẹ́tà bá ti jọra ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú àtẹ tìrẹ, ìgbà márùn-ún ni wọ́n jọra. Bí àpẹẹrẹ, A kejì IGBAJA bá A méjèèjì nínú AJASE pàdé. Àwọn ìbárapàdé wọ̀nyẹn kò lè wà nínú ìdáhùn kan ṣoṣo.

Kún àtẹ tán ná, kí o wá rin padà láti igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, L[6][5]. A àti E kò jọra. Òkè jẹ́ 2, òsì jẹ́ 3, gba òsì. A àti S náà bẹ́ẹ̀, gba òsì. Ní L[6][3], A bá A mu: kọ ọ́, kí o gba ìdábùú lọ sí L[5][2]. J bá J mu, kọ ọ́. Ní L[4][1], A bá A mu, kọ ọ́. O dé òpó 0, dúró. Yí ohun tí o kọ padà sẹ́yìn: AJA. Bí òkè àti òsì bá dọ́gba, èyíkéyìí ló dára; lẹ́tà lè yàtọ̀, gígùn kò ní yí padà.

Tí ọ̀rọ̀ bá gùn, ṣọ́ra fún ààyè. Lẹ́tà 10,000 sí 10,000 jẹ́ àpótí mílíọ̀nù 100, nǹkan bí 400 MB tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 4. Ìlà méjì péré tó fún gígùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìpadà ti parẹ́ nìyẹn. Ọgbọ́n tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Hirschberg gbé jáde ní 1975, tó ń pín ọ̀rọ̀ sí méjì léraléra, ló ń gba lẹ́tà náà padà láìtọ́jú gbogbo àtẹ.