Ìwé ṣíà Diamond Bank tí Bàbá fi sílẹ̀: ibi tó wà báyìí

"Ẹ jọ̀wọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá wa ní Ìkòròdú ti dolóògbé. Nínú àpótí wọn la ti rí ìwé ṣíà Diamond Bank, 10,500 ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní báńkì yẹn ò sí mọ́. Ṣé owó náà ti wọmi nìyẹn? Ìlú Ọba ni mo wà, àbúrò mi ọkùnrin ló wà nílé."

Ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún Bàbá. Owó náà ò wọmi. Ó kàn ti ṣí kúrò nílé tí ẹ mọ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ṣí.

Kí àbúrò yín tó jáde nílé, ẹ mọ irú ìyípadà tó ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ló yí. Nọ́ńbà RC tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ò yí, ìwé ṣíà àtijọ́ ṣì jẹ́ ojúlówó, ẹ̀tọ́ àti gbèsè sì wà bó ṣe wà. Ti Diamond yàtọ̀ síyẹn: Access Bank ló gbé e mì, ní oṣù kẹta ọdún 2019. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbé mì ò sí mọ́ lábẹ́ òfin, ìwé ṣíà rẹ̀ ò sì ṣeé tà mọ́. Ohun tí wọ́n fi dípò rẹ̀ ló kù láti wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ilé-iṣẹ́ kan jẹ́, ẹ wo nọ́ńbà RC tó wà lórí ìwé àtijọ́, kí ẹ wá a lójú ìkànnì CAC. Bí orúkọ tuntun bá gbé nọ́ńbà kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà ni.

Àdéhùn 2019 ni pé kí olówó ṣíà gba náírà kan lórí ṣíà Diamond kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tún gba ṣíà Access méjì fún Diamond méje-méje. Ẹ pín 10,500 sí ọ̀nà méje, á jẹ́ 1,500. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 3,000. Nítorí náà, ṣíà 3,000 àti ₦10,500 ló tọ́ sí Bàbá. Ní 2022, wọ́n tún gbé ṣíà Access Bank lọ sábẹ́ Access Holdings Plc, ọ̀kan fún ọ̀kan. 3,000 yẹn ò dín, kò sì pọ̀, àmọ́ orúkọ Access Holdings ni ẹ ó máa wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé 10,500 ló ṣì wà níbẹ̀, kò mọ ohun tó ń sọ. Bí wọ́n bá sì sọ iye tó kéré sí 3,000, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọnù sí ni ọ̀dọ̀ rẹ́jísítíra, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn olówó ṣíà. Àwọn náà ń yí orúkọ. United Securities àná ni Coronation Registrars òní. City Securities ló di CardinalStone Registrars. Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé Bàbá lè jẹ́ ti ọ́fíìsì tí wọ́n ti kó kúrò tipẹ́, nítorí náà kí àbúrò yín má tìtorí rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú lọ sí Èkó. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn ọdọọdún Access Holdings tó jáde gbẹ̀yìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ rẹ́jísítíra wà nínú rẹ̀, fọ́ọ̀mù èrè orí ṣíà sì sábà máa ń wà lẹ́yìn. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lójú ìwé ṣíà náà kún un, àti orúkọ Bàbá gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé ikú wọn, ẹ tètè sọ ọ́, torí ìwé ìbúra lórí lẹ́tà kan péré lè dá nǹkan dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Rẹ́jísítíra ò ní sanwó fún ọmọ lásán. Wọ́n á béèrè ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé ẹjọ́, tàbí èyí tó bá ìwé ìhágún mu bí Bàbá bá kọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ń to dúkìá sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́, ẹ má kọ "Diamond Bank" nìkan. Ẹ kọ Access Holdings Plc, ṣíà 3,000, kí ẹ sì fi kún un pé láti ara Diamond Bank ló ti wá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé àṣẹ lè jáde lórí ohun tí kò sí mọ́, ẹ ó sì tún padà lọ ṣàtúnṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun lè fún àbúrò yín ní ìwé agbára tí á fi ṣojú yín, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà.

Ẹ béèrè èrè tó ti ń gbára jọ láti 2019 pẹ̀lú. Òfin ìnáwó 2020 sọ pé èrè tí ẹnìkan ò gbà fún ọdún mẹ́fà á lọ sínú àpò ìjọba kan, àmọ́ ẹni tó ni ín ṣì lè gbà á nígbàkígbà. Bí Bàbá bá tún ní àkáǹtì ìfowópamọ́ ní Diamond, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀ka Access tó wà nítòsí ní Ìkòròdú ni kí àbúrò yín lọ. Lórí fóònù, tí ẹ bá ń fowó ránṣẹ́, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí "Access Bank (Diamond)".